Páìpù omi gbígbóná mítà 120: ẹ jẹ́ kó rí àyè rìn kí lúùpù tó lè ṣiṣẹ́

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, páìpù irin oní-íńṣì 4 ni mo fẹ́ fi gbé omi gbígbóná láti ọ̀dọ̀ bọ́ìlà lọ sí ìparí ilé, mítà 120 gbọọrọ, omi náà wà ní 85°C. Wọ́n ní kí n ṣe lúùpù kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ìlà, kí n máa fi sọ́pọ́ọ̀tù sí mítà mẹ́fà-mẹ́fà, kí n sì fi yù-bóòtù dì í pinpin. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?"

Kò tó. Mítà 6 jìn jù, ibi tí wọ́n fẹ́ gbé lúùpù sí kò dára, ṣùgbọ́n yù-bóòtù tí wọ́n ní kí ẹ dì pinpin yẹn ló burú jù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ń pè mí sí, ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lúùpù, ìyẹn ibi tí a mú páìpù yà jáde bíi lẹ́tà U kó lè gba gígùn tó ń gùn sí i mọ́ra, á wà níbẹ̀, á tóbi dáadáa, àmọ́ páìpù ò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tí páìpù yín máa fi gùn sí i. Mítà kan irin máa ń fi nǹkan bíi 0.012 mìlímítà gùn fún dígírì kan tí ooru rẹ̀ bá fi lé. Tí ẹ bá jó o pọ̀ nígbà tí irin wà ní 25°C, tí omi wá gbé e dé 85°C, ìyàtọ̀ jẹ́ dígírì 60. Mítà kan á fi 0.72 mìlímítà gùn, gbogbo mítà 120 á sì fi bíi 86 mìlímítà gùn. Ẹ há 0.72 yẹn sórí, torí òun la máa fi yẹ gbogbo nǹkan wò títí dé ìparí. Tí ẹ bá de páìpù náà lórí àti nídìí tí ẹ ò fún un láyè kankan, agbára tó máa fi ti ohun tó dè é máa tó tọ́ọ̀nù 30. Yálà ògiri yẹ̀, tàbí kí páìpù fúnra rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Fọ́múlà tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lúùpù nìyí, fún páìpù irin lásán. Mìlímítà ni gbogbo ìwọ̀n inú rẹ̀:

```
L = 75 × √(D × Δ)
H = 2L/5
W = L/5
```

D ni ìbú páìpù láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, ìyẹn 114.3 fún íńṣì 4. Δ ni gígùn tí lúùpù máa gbà mọ́ra. L ni àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lúùpù, H ni gíga ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, W sì ni ìbú orí rẹ̀. Tí ẹ bá ní kí lúùpù kan ṣoṣo gba 86 mìlímítà, L á jẹ́ bíi mítà 7.45, ẹsẹ̀ á jẹ́ mítà 3, orí á jẹ́ mítà 1.5. Tó bá jẹ́ méjì lẹ ṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 43 mìlímítà, ẹsẹ̀ á jẹ́ mítà 2.1, orí á jẹ́ mítà kan ó lé díẹ̀. Èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, méjì ni màá ṣe. Lúùpù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ní mítà 3 ṣòro láti wá àyè fún, ó sì ṣòro láti gbé ró.

Ẹ tún béèrè ibi tí ooru omi yẹn lè dé tí ohun tó ń ṣàkóso bọ́ìlà bá kùnà. Tó bá lè dé 95°C kí ó tó pa ara rẹ̀, 95 ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe 85. Ẹsẹ̀ lúùpù á wá di mítà 2.3, owó tó fi kún un ò sì tó nǹkan.

Ibi tí a máa gbé wọn sí ló kàn. Lúùpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ìlà á jẹ́ kí gbogbo 86 mìlímítà gba ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wọlé, èkejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba nǹkan kan, páìpù tó sún mọ́ lúùpù á sì máa rìn jìnnà lórí sọ́pọ́ọ̀tù rẹ̀. Ẹ pín mítà 120 sí ọ̀nà méjì. Ẹ jó ìdè kan sí orí, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí ìdí. Ohun tí mò ń pè ní ìdè ni ibi tí a ti so páìpù mọ́ irin ilé tí kò fi lè rìn rárá. Lúùpù kọ̀ọ̀kan á wá wà láàárín ìdè méjì, mítà 30 sí ọ̀tún, mítà 30 sí òsì. Báyìí, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á rìn ní bíi 21.6 mìlímítà lọ sí ọ̀dọ̀ lúùpù, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu bọ́ìlà tàbí ẹnu pọ́ńpù kì í ṣe ìdè. Ẹ jó ìdè sí irin ilé kí páìpù tó dé ibẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí lúùpù bá ń ṣiṣẹ́, agbára tó máa kan ìdè orí tàbí ti ìdí kò ní ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, ẹ fi í wé 30 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Sọ́pọ́ọ̀tù wá. Àlàfo tí àwọn ìlànà iṣẹ́ páìpù gbà láàyè fún íńṣì 4 tí omi kún inú rẹ̀ ni mítà 4.3. Mo mọ ibi tí mítà 6 ti wá: gígùn páìpù kan ni, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn láti fi sọ́pọ́ọ̀tù kan sí ibi ìjó kan. Àmọ́ bí àlàfo ṣe ń gùn, páìpù máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Láti 4.3 dé 6, títẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ á há sí ibi tó ga, omi tí ẹ fẹ́ tú dànù á dúró sí ibi tó tẹ̀. Mítà mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì tún dín in kù sí mítà 3 níbi tí páìpù bá ti yà. Fáàfù ńlá gbọ́dọ̀ ní sọ́pọ́ọ̀tù tirẹ̀.

Lórí sọ́pọ́ọ̀tù wọ̀nyí, ẹ wọ bàtà irin fún páìpù, kí bàtà náà sì lè yọ̀ lórí irin tó gbé e. Bàtà tó gùn tó mìlímítà 300 á tó yín, kò ní já bọ́ lórí irin rẹ̀. Yù-bóòtù lè wà, àmọ́ ẹ fi nọ́ọ̀tì méjì ti ara wọn kí àyè mìlímítà 2 tàbí 3 ṣẹ́ kù láàárín òun àti páìpù. Tí ẹ bá dì í pinpin, sọ́pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ti di ìdè nìyẹn. Ẹ wá so páìpù bí ẹni so ewúrẹ́ lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì ń retí pé kó jẹko.

Gáìdì, ìyẹn sọ́pọ́ọ̀tù tó ń jẹ́ kí páìpù lọ síwájú sẹ́yìn ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ọ̀pọ̀ máa ń gbé síbi tí kò yẹ. Fọ́múlà tí mo kọ sókè gbà pé ojú ẹ́líbò lúùpù lè yí díẹ̀, àti pé páìpù gbọọrọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá gbé gáìdì lé ìdí ẹ́líbò gan-an, ojú yẹn ò ní lè yí mọ́, ẹsẹ̀ lúùpù nìkan ló máa tẹ̀. Mo tún un ṣírò fún irú ipò bẹ́ẹ̀: 75 × √(114.3 × 21.6) jẹ́ bíi mítà 3.7. Ẹsẹ̀ mítà 2.1 tó tó wa tẹ́lẹ̀ ò wá tó mọ́, bẹ́ẹ̀ gáìdì kan ṣoṣo ló yí i padà. Ẹ jẹ́ kí gáìdì àkọ́kọ́ fi mítà 4 sí 5 jìnnà sí ẹ́líbò. Lábẹ́ lúùpù fúnra rẹ̀, sọ́pọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà nítorí ìwúwo, ṣùgbọ́n pèpéle irin pẹrẹsẹ ni kó jẹ́, tí bàtà á lè yọ̀ lọ sí ibikíbi lórí rẹ̀. Ẹ tẹ́ lúùpù náà sílẹ̀ gbalaja dípò kí ẹ gbé e dúró. Tó bá di dandan kó dúró, ẹ fi fáàfù tí afẹ́fẹ́ á máa gbà jáde sí orí rẹ̀.

Ohun tí ẹ ò béèrè ló kù, òun ló sì ti kó ìdààmú bá mi jù: àwọn ẹ̀ka. Níbì kan tí wọ́n pè mí sí, ẹ̀ka oní-íńṣì kan yà lára páìpù ńlá, ó sì gba inú ògiri kọnkéré kọjá ní ààbọ̀ mítà sí i. Ojú ìjó rẹ̀ ń ya. Wọ́n jó o, ó ya. Wọ́n fi irin tó nípọn jó o, ó tún ya, gbogbo wọn sì ń bínú sí ẹni tó ń jó irin. Mo wọn ibi tí ẹ̀ka náà wà: mítà 25 ni láti ibi ìdè. Mo fi 0.72 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di mìlímítà 18. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí omi bá gbóná, páìpù ńlá ń fa ìdí ẹ̀ka yẹn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mìlímítà 18, ògiri sì di orí rẹ̀ mú ní ààbọ̀ mítà péré. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bí irin tí kì í tẹ̀ láìpadà, ìnira inú rẹ̀ máa lé ní 1,300 mégápásíkà, bẹ́ẹ̀ 240 ni irú irin bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láìpadà. Kò sí ọwọ́ ẹni tó lè jó o tí kò ní ya.

Fọ́múlà kan náà la fi tún un ṣe: ìbú ẹ̀ka jẹ́ 33.4, ìrìn jẹ́ 18, L wá jẹ́ bíi mítà 1.84. A gé ihò ògiri náà fẹ̀, a fi páìpù tó tóbi ṣe ìbòrí fún un kí ẹ̀ka lè rìn nínú rẹ̀, a sì gbé ibi tí wọ́n ti dì í mú sẹ́yìn títí tó fi lé ní mítà 1.84 sí páìpù ńlá. Kò ya mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ kọ ìwọ̀n ìrìn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán yín. Tí ẹ̀ka bá lè wà lẹ́bàá ìdè, ẹ gbé e síbẹ̀, torí níbẹ̀ ni ìrìn ti kéré jù.

Ọjọ́ tí ẹ bá máa tan bọ́ìlà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí bàtà kọ̀ọ̀kan àti sí irin tó gbé e nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá dé 85, ẹ wọn bí ìlà méjèèjì ṣe jìnnà síra. Bàtà tó wà ní mítà 10 sí ìdè gbọ́dọ̀ ti rìn ní bíi mìlímítà 7, ti mítà 20 ní bíi 14, ti ẹ̀gbẹ́ lúùpù ní bíi 21. Tí ẹ bá gbọ́ tí páìpù ń dún gbàà, tí ó dákẹ́, tó tún dún gbàà, ó ń há ni kó tó já ara rẹ̀ gbà. Tí ẹ bá rí i pé bàtà kan ò rìn rárá, tàbí pé páìpù wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín sọ́pọ́ọ̀tù méjì, ẹ pa bọ́ìlà, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì yù-bóòtù tó wà lórí bàtà náà wò ṣáájú ohun gbogbo.