Asipirín kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ máa fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, apá ọ̀tún bàbá mi rọ lójijì, ẹnu wọn sì wọ́. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní ká fún wọn ní asipirín kí ẹ̀jẹ̀ tó dì lè yọ́, ká sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sábẹ́ ahọ́n wọn ká tó lọ sílé ìwòsàn. Ṣé ó tọ̀nà?

Ìdáhùn: Kò tọ̀nà rárá. Irú rọpárọsẹ̀ méjì ló wà: nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, nínú èkejì, iṣan náà ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú ọpọlọ. Apá tó rọ kì í sọ èyí tó jẹ́. Orí fífọ́ àti èébì wọ́pọ̀ nínú èkejì, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, èyí tí a ń pè ní síkáànì, nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn dájú.

Wọ́n gbé ọkùnrin ẹni ọdún 62 kan wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ti fún un ní asipirín nílé. Síkáànì fi hàn pé iṣan ló bẹ́. Ohun tí ara ọkùnrin náà ń wá ni kí ẹ̀jẹ̀ dì síbi tó bẹ́, asipirín sì ń dí i lọ́wọ́.

Kódà nínú irú àkọ́kọ́, asipirín kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dènà kí òmíràn má dì. Oògùn tó ń yọ́ ọ ni alitẹpuléèsì, tí a ń fún aláìsàn láti inú iṣan, bíi mílígíráàmù 63 fún ẹni tó wọn kílò 70, láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀. Àsìkò tí wọ́n rí i kẹ́yìn ní àlàáfíà ni a ti ń kà á: ẹni tó sùn ní agogo 10 alẹ́ tó jí pẹ̀lú àìlera ní agogo 6 àárọ̀ ti lo wákàtí 8 ní ìṣirò wa. Bí iṣan bá bẹ́, oògùn yìí lè pa á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí iṣan bá dí, ìfúnpá tó ga ló ń ti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí kọjá, a sì sábà máa ń fi í sílẹ̀ bí kò bá ju 220/120 lọ, àyàfi tí a bá fẹ́ fún un ní alitẹpuléèsì, nígbà tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 185/110. Bí ó bá bẹ́, a máa ń gbìyànjú láti mú nọ́ńbà òkè sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 140 láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ náà ṣì lè máa pọ̀ sí i. Dókítà tó rí aláìsàn ló máa pinnu. Oògùn abẹ́ ahọ́n lè jẹ́ kí ìfúnpá já wálẹ̀ lójijì, kí apá ọpọlọ tó ṣì lè yè sì kú.

Ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, títí kan omi, nítorí ó lè gba ọ̀nà èémí. Ẹ dà wọ́n sùn sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kọ àsìkò tí ẹ rí wọn kẹ́yìn ní àlàáfíà sílẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, kí ẹ sì gbé wọn lọ tààrà sílé ìwòsàn tó ní síkáànì.