Èsì: Fíìmù olówó pọ́ọ́kú ní Abẹ́òkúta

“Ẹ̀yin ọ̀gá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta. Fóònù Android nìkan ni mo ní. Kí ni mo lè fi ṣe fíìmù ìṣẹ́jú 5?”

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Lọ sọ́jà Ìtòkú, kí o béèrè ilé aláró kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Aláró kan, aṣọ kan: ó tó. Má tíì mú fóònù jáde. Béèrè ọjọ́ tí wọn yóò rẹ aṣọ ná, torí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kùn sára rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọ ìkòkò.

Ibi tó dùn jù ni ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ jáde. Ó máa ń rí bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di búlúù díẹ̀díẹ̀. Fóònù tó ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ máa ba èyí jẹ́: wàá rí i tí ògiri ẹ̀yìn náà ń pàwọ̀ dà. Lo áàpù Open Camera, ọ̀fẹ́ ni. Fi white balance, ìyẹn ètò àwọ̀ rẹ̀, sí Daylight, gbé fóònù sórí àpótí tí kò mì, má sì dá gbígbà fídíò dúró títí aṣọ yóò fi di búlúù tán.

Ọ̀rọ̀ ẹnu aláró ńkọ́? Yá fóònù kejì, fi sínú àpò àyà wọn kó máa gba ohùn. Tí fóònù méjèèjì bá ti ń gbà á, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òun lo máa fi so ohùn mọ́ àwòrán.