Wáìfáì ni àbí wáyà? Bí a ṣe ń mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, ráútà wa wà ní pálọ̀ nísàlẹ̀, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá òkè. Wáìfáì máa ń já tí mo bá wà nínú mítìn, ni mo bá ra wáyà gígùn kan mo fà á gòkè, mo ki orí ẹ̀ bọ láptọ̀ọ̀pù, ó ṣì ń já, ìgbà míì kò tiẹ̀ ní gbé e àfi tí mo bá fọwọ́ tẹ orí wáyà yẹn. Àwọn tó ń fún wa ní intánẹ́ẹ̀tì ní kò sí nǹkan tó ṣe ti àwọn. Ṣé ráútà ló ti kú ni? Ṣé kí n ra òmíràn?

Ìdáhùn: Má tíì náwó o, àbúrò. Nínú gbogbo ohun tí o sọ, èyí tó ká mi lára jù ni pé àfi kí o tẹ orí wáyà kó tó gbé e. Wáyà tó dáa kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò fara kan èkejì dáadáa, ó lè jẹ́ orí wáyà yẹn, ó lè jẹ́ ihò tí o ki wáyà bọ̀ lára láptọ̀ọ̀pù. Torí náà a ò tíì lè fi wáyà yẹn ṣe ẹlẹ́rìí, kò lè dá Wáìfáì láre, kò sì lè dá ráútà lẹ́bi, nígbà tóun fúnra ẹ̀ ń já.

Ó tún ku nǹkan kan tó máa ń tan èèyàn jẹ. Tí Wáìfáì láptọ̀ọ̀pù rẹ bá wà ní títàn nígbà tí o ki wáyà bọ̀ ọ́, bí wáyà bá ti bọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà á rọra padà sórí Wáìfáì láì sọ fún ẹ, ìwọ á jókòó síbẹ̀ á máa rò pé wáyà lò ń lò. Pa Wáìfáì láptọ̀ọ̀pù yẹn pátápátá kó o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ti láptọ̀ọ̀pù nìkan o, má pa ti ráútà, kí àwọn ará ilé má bàa pariwo lé ẹ lórí.

Wá gbé láptọ̀ọ̀pù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pálọ̀. Wáyà kúkúrú kan máa ń wà nínú páálí ráútà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò ó rí, lọ wá a. Ki wáyà yẹn bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò tí wọ́n kọ LAN sí, má ki wáyà bọ èyí tí wọ́n kọ WAN sí torí ibẹ̀ ni intánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Á ró kẹ̀ tó bá wọlé dáadáa, tí o bá sì rọra fà á kò gbọdọ̀ jáde. Wo iná kékeré tó wà lára ihò yẹn tàbí níwájú ráútà, ó yẹ kó tàn, kó sì máa ṣẹ́jú tí nǹkan bá ń kọjá. Àmọ́ má jẹ́ kí iná yẹn tàn ẹ́ o, gbogbo ohun tó ń sọ ni pé ráútà àti láptọ̀ọ̀pù ti gbúròó ara wọn, kò sọ pé ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín wọn ń dé láì dínkù.

Ṣí ojú dúdú tí a máa ń kọ àṣẹ sí lórí Windows, ìyẹn `cmd`, kó o tẹ èyí:

```
ipconfig
```

Wo abẹ́ ibi tó kọ Ethernet. Tó bá kọ `Media disconnected`, kọ̀ǹpútà ò rí wáyà rárá nìyẹn. Tó bá fún ẹ ní nọ́ńbà tó fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, ó rí wáyà àmọ́ ráútà ò fún un ní nọ́ńbà, yálà torí pé ọ̀rọ̀ ń sọnù lójú ọ̀nà tàbí pé ráútà fúnra ẹ̀ ti dá dúró, pa á kó o tún un tàn ná. Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, wàá rí nọ́ńbà kan níwájú `Default Gateway`, ráútà gan-an nìyẹn, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Òun la máa kàn sí báyìí, tiẹ̀ ni kó o fi sí ibi tí mo kọ tèmi sí:

```
ping -n 200 192.168.1.1
```

Á kan ráútà nígbà 200, á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. Lórí wáyà kúkúrú, `time<1ms` tàbí `time=1ms` ló yẹ kó o máa rí, kí ó sì kọ `Lost = 0` nígbà tó bá parí. Tí ẹyọ kan bá tiẹ̀ sọnù lórí wáyà tí kò gùn ju apá èèyàn lọ, mi ò ní fojú fo ó, màá tún un ṣe. Tí o bá ṣe irú ẹ̀ lórí Wáìfáì wàá rí i tó ń fò láti 3 sí 40 sí 150, ìyẹn ò burú fún Wáìfáì, lórí wáyà kọ́ ló ti yẹ ká rí i. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún: Windows máa ń ka `Destination host unreachable` mọ́ àwọn èyí tó dé, o lè rí i kó kọ pé kò sí ohun tó sọnù nígbà tó jẹ́ pé ráútà ò dáhùn kankan. Ka àwọn ìlà yẹn fúnra wọn, má wo ìṣirò ìsàlẹ̀ nìkan.

Bí ti ráútà yẹn ṣe ń lọ, ṣí ojú dúdú kejì, kó o tẹ `ping -n 200 8.8.8.8` síbẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà Google kan tó wà lóde lórí intánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí o bá ń wo méjèèjì pa pọ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti yé ẹ. Tí ti ráútà bá mọ́ tónítóní, tí ti òde wá ń kọ `Request timed out`, inú ilé yín kọ́ lọ̀rọ̀ wà, ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yẹn pẹ̀lú aago tó hàn níbẹ̀, fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ní kò sí nǹkan tó ṣe tàwọn. Tí méjèèjì bá jọ ń já lẹ́ẹ̀kan náà, inú ilé ni, àárín láptọ̀ọ̀pù àti ráútà. Tí o bá fi 1800 rọ́pò 200 nínú méjèèjì, tí wọ́n sì dáa fún bí ìdajì wákàtí, tí o wá tan Wáìfáì, tí o yọ wáyà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í já níbi tí o jókòó sí yẹn gan-an, a jẹ́ pé Wáìfáì ni.

Tí wáyà kúkúrú ò bá tanná rárá ńkọ́? Má sáré sọ pé ráútà ti kú. Yọ ọ́ kúrò ní ihò àkọ́kọ́, ki wáyà bọ ìkejì, bọ ìkẹta, wáyà yẹn náà, láptọ̀ọ̀pù yẹn náà. Tí ihò kan ò bá tanná tí àwọn yòókù ń tàn, ihò yẹn nìkan ló kú. A máa ń rí i gan-an lẹ́yìn òjò alárá, pàápàá nílé tí wáyà ti ń wá látorí òrùlé, tàbí tí iná Nẹ́pà bá dé tagbáratagbára. Ráútà á ṣì máa ṣiṣẹ́, Wáìfáì ẹ̀ á máa lọ, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fura. O lè máa lo àwọn ihò yòókù lọ, kó o lẹ nǹkan mọ́ èyí tó kú kí ẹlòmíràn má bàa fi dàámú ara ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àrá ló ṣe é, èmi ò ní fọkàn tán àwọn tó kù. Kó o tó dájọ́ ṣá, pa ráútà, fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò yẹn, àwọn irin tín-tìn-tín mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tò dọ́gba, tí ọ̀kan bá ti rì wọlé tàbí tó ti dípẹtà, o ti rí i nìyẹn.

Ní báyìí wáyà gígùn ẹ ló kù, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo sì rò pé ọ̀rọ̀ wà. Gbé e bọ ihò tí wáyà kúkúrú ti ṣe dáadáa, má yí nǹkan míì padà, torí tí o bá yí wáyà tí o tún yí ihò lẹ́ẹ̀kan náà o ò ní mọ èwo ló tún un ṣe. Gòkè lọ, tẹ `ping -t` mọ́ nọ́ńbà ráútà kó máa lọ láìdúró, kó o máa mi orí wáyà yẹn díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń já bí o ṣe ń mì ín, wá yí wáyà yẹn padà: mú orí tó wà lókè lọ sísàlẹ̀, mú ti ìsàlẹ̀ wá sókè. Tí ó bá wá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ráútà ló ń fẹ́ kí wọ́n tẹ òun báyìí, orí wáyà yẹn ló bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ láptọ̀ọ̀pù náà ló ṣì ń fẹ́ ìtẹ̀, tí wáyà kúkúrú náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ ní pálọ̀, ihò láptọ̀ọ̀pù ló ti là, tàbí ohun kékeré tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ USB tó bá jẹ́ èyí lò ń lò.

Orí wáyà tó bàjẹ́ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Wo ike pẹlẹbẹ tó máa ń ró kẹ̀ yẹn, tó bá ti kán, wáyà á máa rọra yọ fúnra ẹ̀. Oníṣẹ́ á gé e, á kírímpù orí tuntun sí i, owó kékeré ni. Sọ fún un kó to àwọ̀ ẹ̀ bákan náà ní orí méjèèjì: ọsàn aláfunfun, ọsàn, àwọ̀ ewé aláfunfun, búlúù, búlúù aláfunfun, àwọ̀ ewé, buráún aláfunfun, buráún. Kó fi tẹ́sítà wò ó kó tó lọ, kí iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tàn tẹ̀lé ara wọn. Tẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú yẹn ò lè rí gbogbo nǹkan o, àwọ̀ tí wọ́n tò gbé ara wọn lè ṣì tanná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bó bá ṣáà ti bára mu ní orí méjèèjì, torí náà tún `ping` ẹ ṣe lẹ́yìn tó bá parí.

Èyí tó máa ń sá pamọ́ jù ni wáyà tí kò já, tó kàn ń falẹ̀. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, mẹ́rin péré ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń sáré 100 Mbps ń lò, èyí tó ń sáré 1 Gbps ló ń lo gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tí okùn búlúù tàbí buráún kan bá já nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á kàn rọra padà sí 100, iná á tàn, mítìn á lọ, àmọ́ tí o bá wọn ìyára ẹ̀ kò ní kọjá bíi 94 láéláé. Ṣí PowerShell kó o tẹ:

```
Get-NetAdapter
```

Wo `LinkSpeed`. Tí wáyà kúkúrú bá fún ẹ ní 1 Gbps tí ti gígùn wá fún ẹ ní 100 Mbps, okùn kan ti já nínú ti gígùn nìyẹn. Tó bá jẹ́ 100 náà ni ti kúkúrú, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ráútà yẹn, má bá wáyà jà.

Tó bá wá jẹ́ pé inú wáyà ló já, kì í ṣe orí ẹ̀, ra òmíràn. Kó o tó sanwó, ní kí wọ́n jẹ́ kó o fi bíléèdì ha okùn kan: tó bá funfun nínú, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kì í fẹ́ ká ká a tàbí ká tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ògiri, bàbà gidi ni kó o rà. Láti pálọ̀ sí òkè kò lè tó mítà 100 tó jẹ́ òpin ẹ̀, torí náà gígùn ò ní dà ẹ́ láàmú. Má kàn fà á mọ́ ara wáyà iná Nẹ́pà.