Èsì: "Agricolae" yẹn kì í ṣe olùwà

"Agricolae puella rosam dat. Mo túmọ̀ gbólóhùn Látìn yìí sí 'àwọn àgbẹ̀ ń fún ọmọbìnrin ní róòsì', tíṣà sì fagi lé e. Kí ló burú níbẹ̀?"

Àbúrò, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí o kọ́kọ́ wò. Dat parí sí -t: ẹnì kan ló ń fúnni. Ká ní àwọn àgbẹ̀ ni, dant ni ìbá jẹ́.

Puella, -a: olùwà, ẹyọ. Rosam, -m: àbọ̀, ohun tí wọ́n ń fúnni.

Agricolae ló le. -ae lè jẹ́ olùwà ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n dat ti lé ìyẹn jáde. Ó ku "fún àgbẹ̀" àti "ti àgbẹ̀". Mo mú "fún", torí ẹni tó ń fúnni ń wá ẹni tí yóò gbà á: ọmọbìnrin ń fún àgbẹ̀ ní róòsì.

Bí kò bá sí olùgbà mìíràn nìyẹn o. Fi matri, "fún ìyá", kún un, agricolae á di "ti àgbẹ̀": ọmọbìnrin àgbẹ̀ ń fún ìyá ní róòsì.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ l'Adó-Èkìtì náà máa ń ṣì í, torí Yorùbá wa ń fi olùwà ṣáájú. Ìparí ọ̀rọ̀ ni Látìn ń wò.