Ìdí tí Ẹ Kò Fi Rí Àjà àti Àáké Nínú Gẹ̀ẹ́sì Fíìmù Yín

Ìbéèrè: Mo ti wo fíìmù wa pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yẹn já geere, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Níbi tí ìránṣẹ́ ti ní “Kábíyèsí ti wàjà”, mi ò rí àjà. Níbi tí wọ́n ti ní Olóyè fi àáké kọ́rí, mi ò rí àáké, mi ò rí orí. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà wò ó, ó ní ẹ ti bọ́ aṣọ lára Yorùbá wa. Ṣé ẹ kò lè tú u ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí àwọn Òyìnbó lè mọ bí èdè wa ṣe jinlẹ̀ tó?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹni tó bá wo aṣọ àwọn ìjòyè inú fíìmù yẹn nìkan á mọ̀ pé ẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àbúrò yín bẹ̀rẹ̀. Àbúrò yín gbọ́ Yorùbá. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń ka ìsàlẹ̀ ni etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ, ó wá ń fi ọ̀kan wé èkejì. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo kọ ọ́ fún. Ẹni tí mo kọ ọ́ fún kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn òṣèré yín. Ohun tó bá kà ní ìsàlẹ̀ nìkan ló máa bá a délé. Ẹni yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ká mú wàjà yẹn. Bí mo bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọba ti wọ inú àjà, ohun tí ẹni yẹn máa rí ni bàbá arúgbó kan tó gbé àkàbà, tó gun òkè ilé lọ wá nǹkan. Láìpẹ́ ó tún rí i tí àwọn olorì bú sẹ́kún. Á ní bóyá bàbá já bọ́ ni. Ẹ̀rín ló máa bú jáde nínú sinimá, níbi tí ẹ ti ń retí omijé. Àwa tí a ni èdè náà ńkọ́? Bí a bá gbọ́ pé ọba wàjà, ta ló ń ro ti àjà nínú wa? Nǹkan méjì là ń gbọ́: ọba ti lọ, ẹni tó ń sọ ọ́ sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ọba. Nǹkan méjèèjì yẹn ni mo ní láti gbé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó. Àjà kò sí nínú ẹrù náà.

Èkejì nínú wọn ni kò jẹ́ kí n kàn kọ ọ́ pé ọba kú. Ọba kì í kú lẹ́nu ọmọ tó mọ ìṣe ilé. Ẹ̀yin gan-an lẹ sì dẹ pàkúté kan síbẹ̀, bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀. Nígbà tí fíìmù fẹ́ parí, ọ̀tá ọba dúró láàárín ọjà, ó ní, “Ọba yín ti kú!” Gbogbo ọjà sì ké “Háà!” Kì í ṣe pé ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wọn. Wọ́n ti gbọ́ ọ tipẹ́. Ẹnu tí ó fi sọ ọ́ ni wọ́n ń ké sí. Ká ní mo ti lo ọ̀rọ̀ ikú gbọnrangandan láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀sí yẹn kò ní hàn mọ́, Òyìnbó á sì máa wò ó pé kí ló dé tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń pariwo. Nítorí náà, lẹ́nu ìránṣẹ́, mo lo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ fún ẹni ńlá: ọba ti lọ bá àwọn baba ńlá rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀tá, mo kọ “kú” bó ṣe wà, kò ní adùn kankan. Àlàfo tó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì ní Yorùbá ṣì wà níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ lè ní kí n kọ àjà, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé òǹkàwé lè dúró, kó wo àlàyé ìsàlẹ̀ ojúewé, kó tún padà. Fíìmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìlà méjì péré ni a ní, ìlà kan kì í sì í sábà kọjá lẹ́tà 42. Nǹkan bí lẹ́tà 17 la ń ṣírò pé àgbàlagbà lè kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láìkánjú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fàyè gba tó 20. Gbólóhùn tí mo lò fún ìránṣẹ́ yẹn jẹ́ lẹ́tà 34, bí ẹ bá ka àlàfo àti àmì ìdánudúró mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì ti tó o. Ìránṣẹ́ sọ tirẹ̀ tán kí méjì tó pé, ṣùgbọ́n ó dojú bolẹ̀, kò sí ẹni tó fọhùn, mo sì lo ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bí mo bá fi àlàyé àjà kún un, yóò sún mọ́ lẹ́tà 80, á sì gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Kí ó tó kà á tán, Olorì àgbà ti dìde, ó ti béèrè ohun mìíràn, ìdáhùn rẹ̀ sì ti kọjá lọ.

Ti àáké yẹn ló gba ọpọlọ jù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí, wọ́n ní Olóyè fi àáké kọ́rí, kò ní ta ilẹ̀ bàbá wọn. Ká ní ibẹ̀ nìkan ni, ǹ bá kàn kọ ọ́ pé ó kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ àdá, tó ní, “Bó bá fi àáké kọ́rí, èmi á fi àdá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.” Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn fún yín mọ nǹkan tó ń ṣe. Àkànlò èdè tó ti ń sùn láti ayébáyé ló jí dìde: àáké di àáké gidi, orí di orí ẹni tó ru ẹrù. Níbi tí òǹkọ̀wé bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ògbufọ̀ kò lè kàn fún wa ní ìtumọ̀ kó máa lọ. Àwòrán náà ti di ara ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni títú u ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò mọ̀ pé àáké tó wà lórí túmọ̀ sí kíkọ̀ kò lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Mo wá wo inú Gẹ̀ẹ́sì bóyá àwọn náà ní àwòrán kan fún ẹni tó kọ̀ jálẹ̀, tí a lè fi àdá kàn. Wọ́n ní i. Wọ́n máa ń ní ó ti ri gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ó tán. Nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí, Olóyè ri gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àdá jáde, ọmọ náà ní òun á fi àdá bá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àáké lọ, orí lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àti àwàdà burúkú tó wà nínú gbólóhùn yẹn dúró, àdá náà sì dúró. Mi ò tilẹ̀ lè yí àdá padà, kámẹ́rà ti fi hàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé mo ti ní láti gbin gìgísẹ̀ síbi ìpàdé kí ó tó lè so èso níbi ìjà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè yí ọ̀kan padà kí ẹ má fọwọ́ kan èkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ àkànlò èdè nínú ìwé eré yín, ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, kí ẹ fi ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ́pò. Ó fi àáké gé igi. Ó fi àdá gé igi: méjèèjì dára. Ó fi àáké kọ́rí. Ó fi àdá kọ́rí: èkejì ti di nǹkan mìíràn, kò sí kíkọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí àrọ́pò bá ti ba ìtumọ̀ jẹ́ báyìí, ẹ mọ̀ pé ìtumọ̀ náà kò sí lára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì lè bá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sínú èdè mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá tó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ wọn ti fẹ́ra kù. Òyìnbó á bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá kiri pé ta ló sọnù. Oyún ni mo kọ, mo sì lo ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí ìyá lè sọ lójú àlejò, torí àlejò wà ní ìjókòó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwòrán ni mo pa. Bàbá onílù ní “Erin wó”, erin ló sì wó ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí láyé rẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ohun ńlá ló ṣubú. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Òwe náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. “Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran” wà níbẹ̀ bí ìyá àgbà ṣe sọ ọ́, ẹkún àti ìríran méjèèjì pé, nítorí pé òwe yẹn gbé ọgbọ́n rẹ̀ dání fún ẹnikẹ́ni tó bá ronú sí i.

Ibi kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin pinnu fún mi. Akápò “jẹ owó ìlú”. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dà tí wọ́n máa wò ní Nàìjíríà nìkan là ń ṣe, màá jẹ́ kó jẹ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì náà, torí Íbò àti Haúsá tó bá kà á mọ irú oúnjẹ tó jẹ. Ẹ̀dà tó ń lọ sí òkè òkun ni mo ṣe, ni mo fi kọ ọ́ pé ó kówó jẹ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà méjì, ẹ sọ ọ́ kí a tó ti fáìlì.

Fún ibi yòówù tó bá ṣì ń ká yín lára, ẹ kọ àkókò rẹ̀ bí ẹ ṣe rí i lójú ẹ̀rọ, bíi 00:41:12, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí gbólóhùn náà ṣe fún ẹni tó ń wò ó: kó rẹ́rìn-ín ni, kó bẹ̀rù ni, kó mọ̀ pé wọ́n bú ẹnìkan ni. Ẹ má ì tíì kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ìyẹn kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ tún bá mi bi olóòtú àwòrán bóyá ó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì kún ibi tí bàbá onílù ti ń kígbe. “Àjànàkú sùn bí òkè” tó tẹ̀ lé “Erin wó” kò rí àyè wọlé, èmi pẹ̀lú yín ló sì ń dùn.

Èmi ni, ògbufọ̀ yín.