Bí a ṣe ń fi kókó ọ̀rọ̀ to orí kejì pírójẹ́ẹ̀tì, dípò orúkọ òǹkọ̀wé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Òṣogbo níbí ni mo wà, ọdún àṣekágbá ni mo sì wà. Pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí bóyá omi kànga ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun àti Òkè-Baálẹ̀ ṣeé mu. Iṣẹ́ ìwádìí 16 ni mo kà fún orí kejì, mo sì kọ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí wọn. Súpáfáísọ̀ mi dá a padà, wọ́n ní kí n má fi orúkọ òǹkọ̀wé tò ó, kókó ọ̀rọ̀ ni kí n fi tò ó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ ni?

Ìdáhùn: Ohun tó o ti kọ kò ṣòfò rárá, tọ́jú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìwé kíkà rẹ nìyẹn. Fífọ́ ni wàá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní ohun tó ń sọ lórí kókó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó o bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìpínrọ̀ kan, ẹni tó ń kà á kò ní í rí ibi tí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé yẹn ti bá ti ẹlòmíì mu, tàbí ibi tó ti ta kò ó.

Orí kìíní ni kó o kọ́kọ́ padà sí. Ìbéèrè ìwádìí tó o kọ síbẹ̀ ni kókó orí kejì ti máa ń yọ. Ìbéèrè tìrẹ, bó ṣe yé mi, ni pé ṣé omi kànga yìí dójú ìwọ̀n, kí ló sì ń mú kí ti ilé kan burú ju ti ilé kejì lọ. Nínú ìyẹn, mo rí kókó mẹ́ta: bí sálángá ṣe jìnnà sí kànga tó, bí wọ́n ṣe gbẹ́ kànga náà tí wọ́n sì mọ ẹnu rẹ̀, àti àsìkò tí wọ́n bu omi náà, yálà òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún iṣẹ́ 16. Bó o bá sọ ọ́ di mẹ́jọ, òmíràn kò ní í ní ju iṣẹ́ méjì lábẹ́ rẹ̀, àkójọ orúkọ náà lo tún padà sí yẹn.

Kókó tó dáa gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn méjì lè jiyàn lé lórí. "Ìdọ̀tí inú omi" kì í ṣe kókó, torí pé gbogbo ohun tó o kà ló wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjìnnà sálángá sí kànga jẹ́ kókó: ẹnì kan lè sọ pé òun ló fa ìdọ̀tí, kí ẹlòmíì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ya tábìlì, ìbáà jẹ́ lórí Excel tàbí lórí ìwé fífẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Nínú òpó àkọ́kọ́, kọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é, iye kànga tí wọ́n yẹ̀ wò, oṣù tí wọ́n bu omi, àti ohun tí wọ́n wọ̀n nínú rẹ̀. Òpó mẹ́ta tó kù jẹ́ ti kókó mẹ́ta wa. Má fi àmì lásán há inú àpótí. Gbólóhùn kúkúrú kan ni kó o kọ síbẹ̀ nípa ohun tí wọ́n rí. Àmì á sọ fún ọ pé wọ́n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà, kò ní í sọ ohun tí wọ́n sọ. Àpótí tí kò ní nǹkan, fi í sílẹ̀ lófìfo. Bó o bá ka tábìlì yìí láti òsì lọ sí ọ̀tún, ohun tó o ti kọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bó o bá kà á láti òkè wá sílẹ̀, orí kejì tuntun nìyẹn.

Jẹ́ ká mú òpó sálángá. Ká ní iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́fà sọ pé kànga tí kò jìnnà tó mítà 30 sí sálángá, ìwọ̀n tí àwọn ìlànà omi sábà máa ń dárúkọ, ní kòkòrò inú ìgbẹ́ ju àwọn tó kù lọ. Mẹ́ta sọ pé jíjìnnà kò yí nǹkan kan padà. Bí ìpínrọ̀ bá tẹ̀ lé orúkọ, àríyànjiyàn yìí á tú ká sójú ewé mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó máa rí i. Nínú tábìlì, kíá ni wàá rí i, ojú rẹ á sì lọ sí òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kànga inú àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yẹn kò ní ògiri sìmẹ́ǹtì lẹ́nu, wọn kò sì ní ìdérí. Àgbàrá òjò ń gba òkè wọlé, nítorí náà kò sí bí sálángá ṣe lè jìnnà tó tí omi náà kò ní í dọ̀tí. Ìpínrọ̀ rẹ á wá lọ báyìí (mo fi lẹ́tà dípò orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, ìlànà ni mo ń fi hàn ọ́, àbájáde inú iṣẹ́ tó o kà gan-an ni kó o fi síbẹ̀):

"Ọ̀pọ̀ ìwádìí gbà pé bí sálángá bá ṣe sún mọ́ kànga ni kòkòrò inú ìgbẹ́ ń pọ̀ sí i nínú omi (A, D, E àti àwọn mẹ́ta mìíràn). Àmọ́ B, G àti K kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Kànga tí kò ní ògiri lẹ́nu ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, èyí tó fi hàn pé àgbàrá òkè ilẹ̀ lè bo ipa sálángá mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi ya kànga tó ní ògiri sọ́tọ̀ sí èyí tí kò ní."

Kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ló ṣáájú, orúkọ tẹ̀ lé e. Gbólóhùn tó kẹ́yìn sì ti di ìdí tó o fi pín kànga rẹ sí ọ̀nà méjì ní orí kẹta.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí òpó àsìkò. Kí o tó kọ pé òǹkọ̀wé méjì tako ara wọn, wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ̀n. Kòkòrò sábà máa ń pọ̀ nígbà òjò nítorí àgbàrá. Ohun tó yòrò sínú omi lè ki sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi kànga bá lọ sílẹ̀. Ẹni tó ní omi burú ní Oṣù Keje àti ẹni tó ní ó burú ní Oṣù Kejì lè máa sọ òtítọ́ àwọn méjèèjì. Bákan náà, bí ẹnì kan bá kọ pé náítíréètì, ọ̀kan lára ohun tó ń yòrò sínú omi, "dójú ìwọ̀n", wo ìwọ̀n tó lò. Míligíráàmù 50 nínú lítà omi kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn máa ń lo ìwọ̀n míràn tó ń ka náítírójìn inú rẹ̀ nìkan. Iye méjèèjì kò ṣeé gbé síra bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣírò ọ̀kan sí ìwọ̀n èkejì.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àkọlé kókó sókè, kó wá tún kó "A (2012) sọ pé, B (2015) sọ pé" sábẹ́ rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá o ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbé ìpínrọ̀ méjì lábẹ́ àkọlé kan, kí o fi èkejì síbi èkíní. Bí kò bá sí ohun tó bàjẹ́, orúkọ lo ṣì ń tò. Tún ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí ìtàn kan.

Kì í ṣe gbogbo orí kejì ni ètò yìí bá mu o. Apá tíọ́rì lè máa dárúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ kan tí o ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ ní pàtó sì lè gba ìpínrọ̀ tirẹ̀. Iṣẹ́ tí kò bá rí òpó kankan wọ̀, yọ ọ́ kúrò, bí ó ti wù kó pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ.

Àpótí òfìfo ló máa ń fi hàn ohun tí àwọn tó ṣáájú fò. Bó o bá rí i pé kò sí ẹni tó bu omi kànga kan náà ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, àyè tìrẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ pé "nínú àwọn iṣẹ́ tí a yẹ̀ wò", má kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó ṣe é rí. Mú tábìlì náà lọ bá súpáfáísọ̀ rẹ kó o tó kọ ìpínrọ̀ kankan. Ó rọrùn kí wọ́n fa òpó kan nù ju kí wọ́n fa ojú ewé mẹ́wàá nù lọ.