Àpò sìmẹ́ńtì 5 ni mo ṣírò, bíríkìlà ní 8 ni

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Mo wọn ògiri yàrá àti pálọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi rẹ́. Lẹ́yìn tí mo yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó kù mítà onígun mẹ́rin 60. A fẹnu kò pé kó nípọn tó mílímítà 15, ìyẹn líta 900. Mo pín in sọ́nà márùn-ún, sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́rin, ó sì fún mi ní àpò sìmẹ́ńtì 5 àti díẹ̀. Bíríkìlà ní kí n ra 8. Ṣé ó fẹ́ jí mi ní sìmẹ́ńtì ni, àbí ìṣirò mi ni kò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò, ohun tí bíríkìlà yín sọ kò fi hàn pé olè ni. Ẹ wọn ògiri yín dáadáa, líta 900 náà sì tọ̀nà. Ibi tí ẹ ti pín in sí márùn-ún ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Líta 900 yẹn, mọ́tà tútù ni, èyí tí wọ́n ti po tán tí wọ́n sì ti tẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ kò sì lè lọ ra mọ́tà tútù lọ́jà. Yanrìn lẹ ó rà, àti sìmẹ́ńtì tó dà bí ẹ̀lùbọ́, àwọn méjèèjì ló sì kún fún àlàfo.

Ẹ wo kóńgò ẹ̀wà kan tó kún dẹ́nu. Tí ẹ bá ń bu gàrí lé e díẹ̀díẹ̀ tí ẹ sì ń mì ín, gàrí á máa wọ àárín ẹ̀wà, kóńgò náà kò sì ní tètè ṣàn sílẹ̀. Bí ẹ bá wá da kóńgò ẹ̀wà kan àti ìlàjì kóńgò gàrí pọ̀, ohun tí ẹ máa rí kò ní tó kóńgò kan àtààbọ̀. Kò sẹ́ni tó jí nínú rẹ̀. Gàrí ti wọ ibi tí afẹ́fẹ́ wà tẹ́lẹ̀ ni.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí lébìrà bá ń po sìmẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ ká mú àpò kan ṣoṣo. Àpò oníkílò 50, tí a bá dà á sílẹ̀, ó máa ń gba ààyè bíi líta 35. Ṣùgbọ́n hóró sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi líta 16 lọ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni gbogbo ìyókù. Yanrìn tó yẹ fún un, tó bá jẹ́ kan sí mẹ́rin, jẹ́ líta 140. Tí ẹ bá ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-líta 20, bọ́kẹ́ẹ̀tì 7 géérégé nìyẹn. Nínú líta 140 yìí, hóró yanrìn gbígbẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ bíi líta 82. Omi tí a ó fi pò ó á tó líta 30.

Ẹ wá ro ó pọ̀: 16, 82 àti 30, ó di 128. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ṣọ́bìrì máa ń pò mọ́ ọn á gbé e dé nǹkan bíi 133. Líta 35 sìmẹ́ńtì àti líta 140 yanrìn, ìyẹn 175, la dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n líta 133 mọ́tà la rí kó. Omi tí a dà sí i gan-an kò mú un pọ̀ sí i, nítorí àlàfo àárín yanrìn ló gbà á. Tí ẹ bá fi 133 pín 175, ẹ ó rí 1.3. Iye tí àwa tó ń ṣírò ohun èlò ilé fi ń sọ mọ́tà tútù di yanrìn àti sìmẹ́ńtì gbígbẹ nìyẹn. Àwọn kan ń lo 1.27, àwọn mìíràn ń lo 1.35, nítorí yanrìn kò rí bákan náà níbi gbogbo. Èmi kì í lò ju 1.3 lọ fún yanrìn tí mo bá ti fojú rí.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣì ń kọ yín lóminú, ẹ fi agolo mílíìkì dán an wò. Ẹ wọn agolo sìmẹ́ńtì kan àti agolo yanrìn gbígbẹ mẹ́rin, kí ẹ fi omi pò ó bí bíríkìlà ṣe ń pò ó, kí ẹ wá máa bù ú padà sínú agolo. Agolo márùn-ún lẹ bù, ẹ kò sì ní rí mẹ́rin kó padà pé. Sìmẹ́ńtì yín ti wọ inú yanrìn lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní omi tó gbẹ lára ògiri ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni mọ́tà máa ń sún kì díẹ̀ bó bá ń gbẹ, òun ló máa ń fa àwọn ìlà tín-ín-rín bí irun tí a máa ń rí lára ògiri, ṣùgbọ́n kì í sábà ju mílímítà kan lọ nínú gígùn mítà kan. Gbogbo àdínkù tí mò ń sọ yìí ti parí lórí ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pò ó, kí tàwẹ́ẹ̀lì tó kàn án.

Ní ti ògiri yín, líta 900 lọ́nà 1.3 jẹ́ 1170. Èyí ni ẹ ó wá pín sí márùn-ún: sìmẹ́ńtì líta 234, tó jẹ́ àpò 6 àti díẹ̀ lé ní ìlàjì, àti yanrìn líta 936, ìyẹn bọ́kẹ́ẹ̀tì 47.

Kò tíì pé 8, àbí? Ohun tó kù kò sí nínú 1.3 rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú. Mọ́tà tó ń já bọ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀, àti èyí tó ń wọ ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù tí wọn kò dí dáadáa, àti ibi tí ògiri ti tẹ̀ wọnú tí ó di dandan kí wọ́n kún un kó tó lè gún. Fún ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò dáadáa, mo máa ń fi 15 kún ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn á gbé 1170 dé bíi 1345. Tí ẹ bá pín in, sìmẹ́ńtì á jẹ́ líta 269, àpò 7 àti díẹ̀, tí a ó ra 8 fún. Yanrìn á jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì 54. Bíríkìlà yín mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tó lè mú kí àpò 8 náà má tó, ó sì ti ṣe mí rí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ní Adó-Èkìtì, àárín òjò ni. Típà já yanrìn sílẹ̀ lálẹ́, òjò sì rọ̀ díẹ̀ mọ́jú. Mo dúró ti àwọn lébìrà, mo ka bọ́kẹ́ẹ̀tì 7 fún àpò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kò yẹ̀. Síbẹ̀, sìmẹ́ńtì tán kí ògiri tó tán. Mo fẹ̀sùn olè kan ọmọkùnrin kan lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀gá àgbà kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n bu yanrìn náà wá.

Yanrìn tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ máa ń wú. Omi á bo hóró kọ̀ọ̀kan bí awọ fẹ́lẹ́, á máa ti hóró kan kúrò lára ìkejì, wọn kò sì ní lè sún mọ́ra. Yanrìn wẹ́wẹ́ tí a fi ń rẹ́ ògiri ló burú jù nínú èyí. Ó lè fi ìdá mẹ́rin wú, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí omi bá wá pọ̀ débi pé ó bo yanrìn náà mọ́lẹ̀ pátápátá, ńṣe ló máa ń padà wálẹ̀ sí ìwọ̀n ìgbà tó gbẹ. Ohun tí ọ̀gá yẹn fi hàn mí nìyẹn. Ó da yanrìn ọlọ́rinrin sínú ike tó funfun gbòò láìkì í mọ́lẹ̀, ó fi rúlà wọn gíga rẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ó kó yanrìn náà jáde, ó bu omi dé ìlàjì ike, ó da yanrìn padà sínú omi, ó fi igi rò ó, ó sì jẹ́ kó sílẹ̀. Nígbà tó tún wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 16 ló kù. Yanrìn 16 ti gbé ara rẹ̀ ga dé 20, ìdá mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ ló fi wú.

Nítorí náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì 7 tí mò ń kà, yanrìn inú rẹ̀ kò ju 5 àti díẹ̀ lé ní ìlàjì lọ. Mọ́tà mi le ju bó ṣe yẹ lọ, àpò kan tó yẹ kó rẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 9 kò rẹ́ ju bíi 7 àtààbọ̀ lọ. Fún irú yanrìn yẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì 8 àti mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ló yẹ kí n wọ̀n. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì ṣì máa ń dùn mí di òní. Tí yanrìn yín bá tutù bẹ́ẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì 54 yẹn á di nǹkan bíi 67, àpò sìmẹ́ńtì á sì wà ní 8.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún yín jùlọ ni pé kí ẹ ra 5, kí ó sì tán nígbà tó ku ògiri kan. Bíríkìlà tí kò fẹ́ pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ á fi yanrìn fẹ ìwọ̀nba tó kù. Ojú ò ní rí i lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi ìṣó ha ibẹ̀: ibi tó dáa á kàn fi ìlà funfun hàn, ibi tí wọ́n ti fẹ̀ á máa ṣẹ́ yanrìn sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ọ̀dà kì í pẹ́ lórí irú rẹ̀.

Ẹ ra 8, kí ẹ gba gbogbo àpò òfìfo padà kí ẹ kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ mójú tó bó ṣe nípọn tó ju ohunkóhun lọ, nítorí mítà onígun mẹ́rin kan tó nípọn mílímítà kan, líta mọ́tà kan nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé e dé 20 dípò 15, líta 300 ni wọ́n fi kún un, àpò 8 á sì di 10 àti díẹ̀. Nígbà tí mọ́tà ṣì tutù, ẹ ti ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́ títí á fi kan búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi èékánná di ojú ibi tó dé mú, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣe é ní ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà lára ògiri kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀, kí bíríkìlà náà wà níbẹ̀ kó rí i pẹ̀lú yín.